Dúdú kì í ṣe ọjọ́ orí: bí a ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n hun ẹní àti agbọ̀n

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń kó ẹrù ilé ìyá àgbà wa, a sì rí ẹní kan tí wọ́n ká sí òkè àjà ilé ìdáná, àti agbọ̀n kan tó ní ìdérí. Ẹní náà ní ìlà pupa tó ń ta sí elésè àlùkò àti ìlà dúdú. Agbọ̀n náà dúdú láti òkè dé ìdí, okùn búlúù kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní wọ́n ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nítorí bí wọ́n ṣe dúdú tó. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé aró òyìnbó ló wà lára ẹní yẹn, kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́?”

Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Èéfín lásán lè sọ agbọ̀n di dúdú láàárín ọdún díẹ̀, aró òyìnbó sì ti wà lọ́jà kí wọ́n tó bí àwọn ìyá ìyá àgbà yín. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, okùn búlúù yẹn ló lè sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ohun kejì ni òwú tí wọ́n fi di etí ẹní, tí ẹ kò mẹ́nu bà rárá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹní tàbí agbọ̀n kò lè dàgbà ju èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn ohun tí wọ́n fi hun ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Koríko, ìko àti pankẹ́rẹ́ kò yí padà láti ayébáyé, torí náà wọn kò lè sọ ọdún fún wa. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Nílọ́ọ̀nù jáde ní ilé ìwádìí ní Amẹ́ríkà ní 1935, kò sì dé ọwọ́ àwọn tó ń ra nǹkan lọ́jà títí di nǹkan bí 1938 sí 1940. Pọ̀lípúrópílíìnì, ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn búlúù àti báńdì tí wọ́n fi ń di páálí, ni wọ́n ṣe ní Ítálì ní 1954, ó sì bọ́ sójà ní 1957.

Ẹ má fa okùn náà tu. Ẹ wá fọ́nrán kan tó ti ń já fúnra rẹ̀, kí ẹ gé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lára rẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ojú omi má baà gbé fọ́nrán náà dúró, kí ẹ wá fi igi ìtayín tẹ̀ ẹ́ rì dáadáa. Bí ó bá padà wá sókè, pọ̀lípúrópílíìnì tàbí pọ̀lítílíìnì ni, kò sì sí èyí tó di okùn ọjà nínú wọn ṣáájú àwọn ọdún 1950. Bí ó bá rì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ fi iná kàn án níta gbangba. Òwú gidi á jó tán, á rùn bí ìgbà tí tákàdá ń jó, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Nílọ́ọ̀nù àti pọ̀lísítà á yọ́, wọ́n á di kókó líle. Èyí tó bá yọ́ nínú òwú etí ẹní kò lè ṣáájú 1940. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn ike tó ti ń di ìyẹ̀fun tàn yín pé ó ti gbó: oòrùn lè bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé. Okùn ike lè jẹ́ àtúnṣe. Agbọ̀n tí wọ́n hun ní 1920 lè já ní ìdí ní 1985, kí wọ́n sì fi okùn ọjà tún un ṣe. Okùn yẹn kò sọ agbọ̀n di ọmọ 1985. Torí náà, ẹ ní láti mọ̀ bóyá wọ́n fi okùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí ó wá bá agbọ̀n nílẹ̀. Ẹ dojú agbọ̀n dé, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ojú tọ ipa okùn náà láti orí dé ìdí. Ìdí agbọ̀n ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, etí ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Okùn tó wà níbẹ̀ látilẹ̀ yóò wọ abẹ́ àwọn ọ̀pá ìdí níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé wọn dábùú ara wọn, bí ó sì ṣe ń wọlé tó ń jáde yóò bá ti àwọn yòókù mu. Okùn àtúnṣe máa ń fo ọ̀pá méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, á gba orí ọ̀pá tó ti ṣẹ́ kọjá, kókó rẹ̀ á sì wà níta níbi tí ọwọ́ ti rọrùn láti dé.

Bí èyí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ fi igi ìtayín sún okùn náà díẹ̀, kí ẹ wo ara ọ̀pá tó bò mọ́lẹ̀. Ara yẹn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ. Bí ó bá mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, okùn ti wà lórí rẹ̀ kí èéfín àti ìdọ̀tí tó dé. Bí ó bá dúdú tó sì ń dán bíi ti ìyókù, agbọ̀n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó so okùn mọ́ ọn. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe sí òwú etí ẹní yín.

Irú ẹní tó jẹ́ ṣe pàtàkì níbí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀já gígùn tóóró tí wọ́n hun, tí wọ́n sì rán ọ̀já sí ọ̀já títí ó fi fẹ̀, ewé gòrúbà ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé wá láti òkè Ọya. Kò sí bí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ṣe lè wà láìsí òwú tó so ọ̀já pọ̀, nítorí náà òwú àárín rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò ju ti etí lọ, ní ojú ìrán mélòó kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Ojú ìrán kan tó já tí wọ́n tún rán kò ní nǹkan tó ń sọ. Bí gbogbo ojú ìrán bá jẹ́ òwú tó yọ́, ẹjọ́ ti parí: lẹ́yìn 1940 ni.

Bí ó bá jẹ́ ẹní tiwa ti ìsàlẹ̀ níbí, ẹ wo ojú ibi tó ti já pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí inú rẹ̀ bá fúyẹ́ tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí fóòmù, òré tàbí koríko etí odò mìíràn ni. Bí ojú kan bá ń dán tí èkejì sì ní ipa ọ̀bẹ, ọ̀pá ewé eéran tí wọ́n là ni. Bí ó bá jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fẹ́ ká ara rẹ̀ jọ, ìko ni. Ohun tí èyí ń sọ ni bí nǹkan ṣe lágbára tó. Òré kò le. Èyí tí wọ́n ń sùn lé lójoojúmọ́ yóò já kí ọdún púpọ̀ tó kọjá. Ikán àti ìrì yóò mú èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹní òré bá sọ pé òun lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a ní láti bi í pé níbo ló sùn láti ọjọ́ yìí. Ní Íjíbítì, agbọ̀n tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun ní 1922, lẹ́yìn ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún, nítorí pé ibẹ̀ gbẹ. Níhìn-ín, òkè àjà ilé ìdáná ló sún mọ́ irú ìgbẹ bẹ́ẹ̀ jù: ó gbóná, ó gbẹ, èéfín sì ń lé kòkòrò. Ibi tí ẹ ti rí i kò wá lòdì sí ọjọ́ orí gígùn. Ó kàn sọ fún wa ibi tí dúdú rẹ̀ ti wá ni.

Ó wá kan aró. Ní 1856 ni William Perkin ṣèèṣì rí aró elésè àlùkò nínú ohun tó wá láti ara ọ̀dà èédú ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó yá ní 1859, aró pupa tó ń ta sí elésè àlùkò jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ aró òyìnbó ló wà nínú ìlà pupa yẹn, ó ń sọ pé ẹní yín kò ṣáájú 1859. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lé ọgọ́rùn-ún ọdún jìnnà. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó ayédèrú wò lè fi kún un. Ẹ tàn án sí ìlà pupa náà nínú òkùnkùn. Bí ó bá tàn padà ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa tó ń jó lójú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rodamíìnì, èyí tó dé ní 1887. Pupa tí a fi pòròpórò ọkà bàbà àti káún rẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, osùn náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì náà sí òwú funfun: bí ó bá mọ́ ní funfun tó ń ta sí búlúù, èròjà amúfunfun wà lára rẹ̀, irú èyí tó di ohun ọjà ní nǹkan bí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀. Àbùkù kan wà níbẹ̀ o: ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ní in nínú, òwú àtijọ́ tí wọ́n fọ̀ lánàá yóò sì tàn bákan náà.

Bí aró bá ti ṣá, ẹ gbé fọ́nrán kan sókè níbi tí òmíràn ti dábùú rẹ̀, kí ẹ fi ibi tó fara pamọ́ wé ibi tó wà lójú. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó bà á. Oòrùn ojú fèrèsé fún oṣù díẹ̀ lè ṣe ohun tí àádọ́ta ọdún lókè àjà kò lè ṣe. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni bí aró ṣe wọ abẹ́ ibi ìdábùú. Ẹni tó hun ẹní gidi ń rẹ koríko láró kó tó hun ún, torí náà aró á lọ yí ká láìdánu dúró lábẹ́ ìdábùú, ibẹ̀ ló sì máa ń pọ́n jù. Ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tuntun di àtijọ́ ń fi omi tíì, ìdọ̀tí tàbí òróró kùn ún lẹ́yìn tí wọ́n ti hun ún tán; àwọ̀ yẹn á dúró létí ìdábùú, abẹ́ á sì wà ní àwọ̀ koríko tuntun.

Ìlà dúdú ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí òun ló sún mọ́ aago jù lára ẹní yín. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, wọ́n ń fi èèpo igi tó ní ìkorò se koríko, lẹ́yìn náà wọ́n á rì í sínú ẹrẹ̀ dúdú tó ní irin nínú. Irin yẹn kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tí àwọ̀ bá ti mú. Ó ń jẹ fọ́nrán náà láti inú díẹ̀díẹ̀, títí tí fọ́nrán dúdú á fi máa ṣẹ́ nígbà tí fọ́nrán aláìláró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ láìṣẹ́. Ẹ wo ìlà dúdú náà lókè ẹní àti ní àárín rẹ̀ níbi tó wà nínú ìká. Bí dúdú nìkan bá ń fọ́, tí ó sì ń fọ́ bákan náà níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé rí, ẹrẹ̀ onírin ni wọ́n lò, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́rin kì í fa irú èyí. Bí dúdú bá lágbára bíi ti ìyókù, ó lè jẹ́ aró òyìnbó tàbí èéfín, ó sì lè jẹ́ ẹrẹ̀ onírin tí kò tíì pẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò. Wíwò tó.

Ìlò ń sọ iṣẹ́ tí nǹkan ṣe, kì í ka ọdún. Agbọ̀n aláta lè gbó láàárín ọdún kan ju agbọ̀n ìyàwó tó ti wà nínú yàrá fún ogójì ọdún. Ohun tí ìlò dára fún ni láti tú àṣírí ẹni tó ń parọ́. Ìlò gidi ń jẹ orí ibi tó ga, ó ń fi inú kòtò sílẹ̀, ìdọ̀tí sì ń ṣù síbẹ̀. Yanrìn abẹ́ pépà ìfági ń fi ipa tó tò tẹ̀lé ara wọn sílẹ̀, ó sì ń wọ kòtò náà. Ìlò gidi ní ẹnìkejì pẹ̀lú: níbi tí inú ìdérí bá ti dán, ẹ̀yìn ọrùn agbọ̀n tó dojú kọ ọ́ gbọ́dọ̀ dán. Agbọ̀n tí wọ́n ń rù á dán ní àárín ìdí níbi tí òṣùká ti ń kàn án, igun ìdí tó ń kanlẹ̀ á sì ya. Bí igun bá ṣì mú ṣáká tí àárín sì ti jẹ, orí ló ti lò ó ju ilẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ló jẹ dọ́gba, ẹ fura.

Ẹní tí wọ́n sùn lé á dúdú níbi orí nítorí òógùn àti àdí, á fẹ́lẹ́ níbi ìbàdí àti èjìká, á sì já níbi gìgísẹ̀. Tiyín sì tún ní ẹ̀rí mìíràn, nítorí pé wọ́n ká a. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ nílé tó tutù díẹ̀, ẹ má fi ipá ṣe é, torí koríko gbígbẹ ń ṣẹ́. Bí ó bá pẹ́ lókè àjà ní kíká, ìká tó wà lóde pátápátá á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á fúyẹ́ díẹ̀, àárín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àwọ̀ tó gbé wọ ibẹ̀. Ìyàtọ̀ tó ń lọ ní ìpele bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti dá ṣe. Bí ẹní bá dúdú dọ́gba láti òde dé àárín, wọ́n ti sọ ọ́ di dúdú kí wọ́n tó ká a. Ihò kòkòrò kò ní ọjọ́ orí nínú: ìdin ajẹgi lè wọ ọ̀pá tútù ní ọdún tí wọ́n gé e. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ń jáde nínú ihò, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni.

Ẹ tún yẹ inú ìdérí wò fún ohun tí èèyàn kọ. Orúkọ tí wọ́n fi báírò kọ kò lè ṣáájú 1945, ọdún tí báírò bọ́ sójà gbangba. Bí iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ ṣílè àti pẹ́nì, ó ṣeé ṣe kí agbọ̀n ti wà kí a tó gba náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Èyí ṣọ̀wọ́n, ó sì ṣeyebíye, nítorí pé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ń sọ pé “kò ṣáájú ìgbà báyìí”. Àkọlé owó nìkan ló ń sọ pé “ó ti wà nígbà báyìí”. Ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sínú agbọ̀n kò tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀ ń sọ ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde nìkan, èèyàn sì lè tẹ́ ìwé àtijọ́ sínú agbọ̀n tuntun.

Bí mo bá ní kí n fi ohun tí ẹ ti sọ ṣe ìdájọ́: bí okùn búlúù bá jẹ́ èyí tó padà wá sókè nínú omi, tó wọ abẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìdí, tí abẹ́ rẹ̀ sì mọ́, agbọ̀n yín kò ju ọmọ àwọn ọdún 1950 lọ, ọkùnrin tó fẹ́ rà á sì ti ṣì í. Bí okùn bá jẹ́ àtúnṣe, agbọ̀n lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó fi bí ó ti pọ̀ tó hàn àfi àkọlé. Ní ti ẹní, òwú ló máa sọ. Òwú gidi tí kò tàn sí tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìlà dúdú tó ń fọ́ fúnra rẹ̀, á jẹ́ kí n gbà pé ó lè ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. N kò ní kọ “ọgọ́rùn-ún ọdún” sílẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn nìkan.

Bí iyàn bá wá di ti owó, ilé àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù lè dá a lẹ́jọ́, pàápàá ní ti ẹní. Àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò lójú sánmà láti àwọn ọdún 1950 sọ kábọ́ọ̀nù-14, irú kábọ́ọ̀nù tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, di púpọ̀ gan-an nínú afẹ́fẹ́, ó sì ga jù láàárín àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn àdéhùn 1963 tó fòpin sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Koríko tó hù lẹ́yìn nǹkan bí 1955 gbé àmì yẹn. Nítorí pé òré ń hù, wọ́n sì ń gé e láàárín sáà kan, ọdún tí àyẹ̀wò bá fi hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún tí wọ́n gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń jẹ́ ọdún méjì tó ṣeé ṣe, ọ̀kan nígbà tí àmì ń gòkè àti ọ̀kan nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí èsì bá sọ pé ó ṣáájú 1955, kò ní lè yà 1920 sọ́tọ̀ kúrò lára 1750: láti nǹkan bí 1650 sí 1950, èsì máa ń tàn káàkiri. Ìwọ̀nba mílígíráàmù díẹ̀ ni wọ́n nílò. Ẹ mú un láti ìká ẹní tó wà láàárín, níbi tí èéfín kò dé.

Títí di ìgbà náà, ẹ má fi kẹrosíìnì pa á nítorí kòkòrò. Kábọ́ọ̀nù inú epo rọ̀bì kò ní kábọ́ọ̀nù-14 kankan mọ́, bí ó bá wọ inú koríko, àyẹ̀wò á sọ pé ẹní náà dàgbà ju bí ó ti rí lọ. Ẹ wé e sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú fírísà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí tí gbogbo rẹ̀ á fi padà gbóná tó yàrá, kí ìrì má baà bà lé ẹní.